Kọ̀rólà mi ń gbọ̀n ní sílóò, sìkánà ní P0011: ṣé kí n yọ VVT-i kúrò ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ̀rólà 2005 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n kọ VVT-i sí lórí. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ tí mo bá ṣí i, wẹ́rẹ́ ló máa ń ṣí, ohùn rẹ̀ á sì tutù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà á tó ogún ìṣẹ́jú, tí mo wá dúró síbi gòsílóò, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà míì á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá tún un ṣí, á ṣí.

Epo náà ń lọ. Ìbàdàn sí Èkó, àlọ àtàbọ̀, nǹkan bí lítà 20 ló máa ń jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lítà 27 ni. Mi ò méfò o, mo kún táǹkì kí n tó gbéra, mo tún kún un nígbà tí mo dé.

Mẹkáníìkì mi so sìkánà mọ́ ọn, P0011 ló jáde. Ó ní VVT ti bàjẹ́, pé àwọn òyìnbó kàn fi ṣe fáàrí ni, kò wúlò lójú ọ̀nà tiwa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí mọ́tò rárá, ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ. Lóòótọ́, gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mọ́tò ò fà mọ́. Òkè tí mo máa ń gùn láìmọ̀ pé òkè ni, mo ti ń tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí n tó débẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì ò kú, nọ́ńbà tó ń sọ báyìí ni P0010.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an nínú ẹ́ńjìnnì? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Dírẹ́bà Àgbà · 8:40 àárọ̀

Pọ́lọ́ọ̀gì ni. Pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fọ tọ́tù bọ́dì. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo fi ń ṣe kábúkábú láti ọdún mẹ́fà, ọ́ìlì 20W-50 ni mò ń dà sí i, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní VVT. Ohun tí èèyàn ò bá mọ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Fẹ́mi Alárè · 9:05 àárọ̀

Ẹ máa dẹ́rù ba ọmọ èèyàn. VVT wà fún àwọn tó ń sáré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí kọjá ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, á ṣí fáàfù sí i kí atẹ́gùn lè pọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa ń gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ẹni tí ò bá sáré ò nílò rẹ̀. Fi í sílẹ̀ ní yíyọ, jẹ́ kí owó rẹ sinmi.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 11:52 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ Mọ́kọ́lá, má fi í sílẹ̀ ní yíyọ. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, torí ìbéèrè tí o béèrè kẹ́yìn yẹn ni ẹnikẹ́ni ò tíì dá ọ lóhùn.

Fẹ́mi, ti VTEC Họ́ńdà lo ń sọ. Kámù ni ọ̀pá tó ń ti fáàfù ṣí, ti VTEC ní imú kékeré àti ńlá, bí eré bá pọ̀ á bọ́ sórí ńlá, fáàfù á sì rì wọlé jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun lohùn rẹ̀ fi ń yí padà. VVT-i inú Kọ̀rólà yìí ò fi ohunkóhun kún bí fáàfù ṣe ń rì tó. Àsìkò tí fáàfù ń ṣí ló ń sún, síwájú tàbí sẹ́yìn, ó sì ń sún un ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá wà lójú ọ̀nà, kò dúró de 3000 kankan. Fáàfù tó ń gba atẹ́gùn wọlé nìkan ló sì kàn. Èyí tó ń lé èéfín jáde dúró sí àsìkò rẹ̀.

Wò ó báyìí. Písítìnì ń lọ sísàlẹ̀, ó ń fa atẹ́gùn. Ó dé ìsàlẹ̀, ó yí padà, ó fẹ́ máa gòkè. Ìgbà wo ló yẹ kí fáàfù pa dé? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́ tí fáàfù sì pẹ́ kó tó pa dé, písítìnì tó ń gòkè á ti lára atẹ́gùn tó ti gbà padà síta. Sílíńdà ò kún nìyẹn, ohun tí ò sì kún ò lè fà lórí òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 5000, atẹ́gùn ti gba eré sára. Ẹ ti rí èrò tó ń rọ́ wọ dánfó rí: bí kọ̀ńdọ́ tilẹ̀ pariwo pé ó ti kún, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń ti àwọn tó wà níwájú wọlé. Písítìnì ti ń gòkè, atẹ́gùn ṣì ń wọlé. Bí fáàfù bá tètè pa dé lásìkò yẹn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ní láti mú ọ̀kan. Wọ́n á yan àsìkò kan láàárín, kò ní dára tó nísàlẹ̀, kò sì ní dára tó lókè. Nínú 1ZZ tó wà nínú mọ́tò rẹ yìí, fáàfù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí níbikíbi láti dìgírì 2 títí dé 42 kí písítìnì tó kan òkè. Dìgírì 40 nìyẹn lórí kìránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ìdajì rẹ̀ ni lórí kámù. Kámù kan náà ló ń ṣí i tó ń pa á, nítorí náà bó bá tètè ṣí, á tètè pa dé.

Epo wá ńkọ́? Nígbà tí o ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tọ́tù rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ojú ihò tóóró ni písítìnì ti ń fa atẹ́gùn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀pá bíróò mu ògì gbígbóná. Fífà yẹn ń jẹ agbára, epo rẹ ló sì ń san án. Kọ̀ǹpútà á wá sún kámù síwájú, fáàfù ìwọlé á ṣí nígbà tí ti èéfín ò tíì pa dé. Èéfín díẹ̀ á yọ́ padà wọlé, á gba àyè nínú sílíńdà, kò sì ní jó lẹ́ẹ̀kejì. Kí o lè ní agbára kan náà, tọ́tù ní láti ṣí díẹ̀ sí i. Ihò ti fẹ̀, fífà ti rọrùn, epo sì dín. Èéfín olóró tó ń jáde lẹ́yìn náà á dín pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára lójú ọ̀nà yẹn, májèlé ni ní sílóò. Ní sílóò, atẹ́gùn tuntun kò tó nǹkan, fífà inú mánífóòdù sì le. Bí fáàfù méjèèjì bá ṣí pọ̀ níbẹ̀, èéfín á ya wọlé ju ohun tí iná lè jó lọ. Sílíńdà kan á jó, èkejì ò ní jó dáadáa. Gbígbọ̀n nìyẹn. Ìdí rèé tí kọ̀ǹpútà fi máa ń dá kámù padà sẹ́yìn pátápátá bí o bá dúró.

P0011 ń sọ pé kámù ti wà níwájú, wọ́n ní kó padà, kò padà. Àárọ̀ dára torí kọ̀ǹpútà kì í sún kámù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó gbóná tán, ó sún un síwájú lójú ọ̀nà, o dé gòsílóò, ó há síbẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì rẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ láàárọ̀, ẹ̀yìn ni kámù wà, ẹ̀yìn náà ló sì ń gbé láti ìgbà yẹn. Sílóò tutù, òkè le, epo ò sì dín. P0010 tí o ń rí yẹn kàn ń sọ pé okùn iná ò sí lára rẹ̀ ni.

Fẹ́mi Alárè · 12:10 ọ̀sán

Bàbá, mo gbà. Họ́ńdà ni mo ti ń wà láti ilé-ìwé gíga, mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo · 1:33 ọ̀sán

Irú èyí ṣe mí rí. Kì í ṣe fáàfù ọ́ìlì VVT tí wọ́n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ yẹn ló bàjẹ́ o, fílítà kékeré kan ló dí. Bóòtì kan wà lára hẹ́ẹ̀dì nítòsí fáàfù náà, bí wọ́n bá tú u, jáálá kan á jáde tí kò ju orí ìka lọ. Tèmi dúdú kirikiri, bí ẹni fi ọ̀dà tẹ́ ẹ. Pẹtiróòlù la fi fọ̀ ọ́, a fẹ́ ẹ, a dá a padà, mọ́tò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò ná mi ju owó iṣẹ́ lọ. Ọmọ Mọ́kọ́lá, kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó tà ọ́ ní ohun tí o ò nílò.

Àkàndé Líìdì · 2:20 ọ̀sán

Ẹ káàsán láti ìlú ọba. Tèmi kì í ṣe Tòyótà, ilé-iṣẹ́ míì ló ṣe é. Bí mo bá ṣí i nínú òtútù, á dún gìrrr fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Wọ́n ní gíà iwájú kámù ni, owó tí wọ́n dá lé e sì ju oṣù kan ilé mi lọ. Ṣé fífọ jáálá yìí lè wò ó sàn?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ìmọ̀ràn yín dára, ẹ̀yin àti ọmọ yìí kàn ní àìsàn tó yàtọ̀ ni. Ọ́ìlì ló ń ti kámù. Gíà kan wà níwájú kámù, ṣéènì ló ń yí ìta rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n dè mọ́ kámù. Láàárín inú àti ìta, àwọn yàrá kéékèèké wà. Bí ọ́ìlì bá wọ apá kan, kámù á lọ síwájú. Bó bá wọ apá kejì, á padà sẹ́yìn. Fáàfù ọ́ìlì tí iná ń darí ló ń yan apá tí ọ́ìlì máa gbà. Jáálá tí ẹ fọ̀ wà lójú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà bọ̀ wá bá fáàfù yìí. Bó bá dí, ọ́ìlì ò ní tó, kámù ò sì ní lè *lọ* síwájú. Mọ́tò ò ní fà, sílóò ò sì ní gbọ̀n. Mo fura pé P0012 ni sìkánà kà fún yín, kì í ṣe P0011.

Ti Ọmọ Mọ́kọ́lá lọ síwájú ná, ó wá kọ̀ láti padà. Ìdọ̀tí ti há mọ́ ọ̀pá tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú fáàfù ọ́ìlì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ lojú mi kọ́kọ́ ń wò. Kó fọ jáálá pẹ̀lú, kò ní pa á lára, ṣùgbọ́n kó má rò pé jáálá nìkan ló máa yanjú rẹ̀.

Àkàndé, tìrẹ yàtọ̀ pátápátá. Pínnì kan wà nínú gíà yẹn tó máa ń ti kámù pa sí ẹ̀yìn nígbà tí o bá pa mọ́tò, kó má bàa máa lu síhìn-ín lu sọ́hùn-ún kí ọ́ìlì tó dé. Bí pínnì náà bá ti jẹ, wàá gbọ́ ariwo títí ọ́ìlì á fi kún ibẹ̀. Fífọ jáálá ò lè wò ó.

Kọ́lá Riwáyà · 7:15 alẹ́

Ọmọ Mọ́kọ́lá, kí o tó ra ohunkóhun, wọn fáàfù ọ́ìlì náà. Bóòtì 10 kan ṣoṣo ló dè é mọ́ hẹ́ẹ̀dì, lápá ibi tí ṣéènì wà. Fi mítà sẹ́nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nígbà tí ó tutù. Ti 1ZZ, láàárín 6.9 sí 7.9 òómù ló yẹ kó jẹ́. Bí mítà ò bá ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já, rà á. Bó bá wà níbẹ̀, iná inú rẹ̀ dára, ìyẹn ò sì sọ pé ọ̀pá inú rẹ̀ ń lọ.

Láti mọ ìyẹn, fi bátìrì 12 fóòtì kàn án wéré, kí o máa wo ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ ta kíá, kó sì padà kíá bí o bá ti gbé iná kúrò. Bó bá padà wọ́ọ́wọ́, tàbí tó dúró sáàárín ọ̀nà, o ti rí olè rẹ. Má fi iná sílẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ́ o, á gbóná jó.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ ò ní tú nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó wà ní sílóò, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ. Fi 12 fóòtì sí fáàfù náà níbi tó wà. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kó kú, torí o ti fipá sún kámù síwájú. Bó bá ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò gbọ́ ohun tí o wí, ọ́ìlì ò dé ibẹ̀, tàbí fáàfù ti há, tàbí gíà fúnra rẹ̀ ló kú.

Ẹ̀yin tó ń rà á lọ́jà, ẹ fi mítà yín dání. Èyí tí mo rà fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ, inú páálí tuntun ló ti jáde, ọ̀pá rẹ̀ há láti inú páálí. Ògbólógbòó tí mo fọ̀ ni mo dá padà sínú mọ́tò yẹn, òun ló sì ń lò dòní.

Dírẹ́bà Àgbà · 8:02 alẹ́

Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀, ẹ ò fèsì ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tèmi. Gbogbo èèyàn ń pariwo 5W-30, 5W-30. Mo dà á rí, lítà kan ló gbé mì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà sí 20W-50, ó dúró.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 9:26 alẹ́

Ọ̀gá Dírẹ́bà, mi ò ní bá yín jà. Ẹ́ńjìnnì tí òrùka písítìnì rẹ̀ ti jẹ máa ń mu ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ìwé mọ́tò Ọmọ Mọ́kọ́lá tó wá láti Amẹ́ríkà ní 5W-30, ihò inú gíà VVT àti jáálá yẹn sì fẹ́ ohun tó tètè ń sàn. Ọ́ìlì nípọn á dé ibẹ̀ náà, á kàn pẹ́ díẹ̀ ni, pàápàá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo ti tú, èyí tó ń pa fáàfù yìí ju nọ́ńbà ara gálọ̀nù lọ ni ọ́ìlì tí wọn ò pààrọ̀, tí wọ́n kàn ń fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ̀ ń pààrọ̀ tiyín?

Dírẹ́bà Àgbà · 9:31 alẹ́

Oṣooṣù. Iṣẹ́ ni mò ń fi í ṣe.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 9:34 alẹ́

Ẹ ò rí i? Ìdí tẹ́nikẹ́ni ò fi bá yín sọ̀rọ̀ VVT nìyẹn.

Kọ́lá Riwáyà · 9:50 alẹ́

Èmi ò gbà tán, Bàbá. Mo ti rí méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé, 20W-50 ni wọ́n ń lò, P0012 sì ń jáde láàárọ̀ nìkan. A dá wọn padà sí 5W-30, kò jáde mọ́. Ẹ ò lè fi gbogbo ẹ̀ sọ́rùn ìdọ̀tí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti wá jábọ̀.

A tú u lánàá. Mítà ka 7.3 òómù, a ní háà, ó dára. A fi bátìrì kàn án, ọ̀pá rẹ̀ ta síwájú, ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka gbá a ló tó padà. Mẹkáníìkì mi dákẹ́, kò sọ fáàrí òyìnbó mọ́. A fọ̀ ọ́, omi dúdú ló ń jáde lára rẹ̀. A ń fi iná sí i, a ń gbé e kúrò, títí ó fi ń ta tó sì ń padà fúnra rẹ̀. Jáálá tí Ìyá Ìbejì sọ náà dí díẹ̀, a fọ̀ ọ́ pọ̀. Rọ́bà òrùka tuntun la fi dá fáàfù padà. Mo da ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ nù, mo da 5W-30 sí i, lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà tuntun. Mo rántí pé ọdún kan ni mo ti ń fi ọ́ìlì kún un láìda ti tẹ́lẹ̀ nù. Ẹ má bú mi.

Mo lọ Èkó mo bọ̀ lónìí. Nígbà tí mo dúró sí gòsílóò ẹnu ìlú, mo pa rédíò kí n lè gbọ́ ọ. Kò gbọ̀n. Ó ń fà lórí òkè. Iná ẹ́ńjìnnì ò tàn. Ṣùgbọ́n lítà 23 ló jẹ, kò padà sí 20.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo · 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire! Jáálá mi náà ṣiṣẹ́, ẹ má gbàgbé.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 8:18 alẹ́

Ó dára bẹ́ẹ̀. Lítà 3 tó ṣẹ́kù yẹn, má fi sọ́rùn VVT mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti gbà pé fáàfù yẹn nìkan ló lè jẹ lítà 7. Gbé mọ́tò náà sókè lórí jáàkì, fi ọwọ́ yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá bíréèkì kan ń dì í mú. Wo fílítà atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà kí Kọ́lá wo sẹ́ńsọ̀ èéfín fún ọ, ti òkè.

Wá fetí sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí o tó gbéra. Ọdún kan láìda ọ́ìlì nù ò pa fáàfù nìkan, ó ń fa ṣéènì gùn pẹ̀lú. Bí P0016 bá jáde, kámù àti kìránkì ò bá ara wọn mu mọ́ nìyẹn, fífọ ò sì ní ṣe é.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · 8:44 alẹ́

Bàbá, nǹkan kan ń dún lápá ṣéènì láàárọ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń mi kọ́bọ̀ nínú agolo, kì í pẹ́. Mo rò pé bẹ́líìtì ni.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì · 8:51 alẹ́

Ká a sórí fóònù láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kí o gbé e síbí. Má tíì lọ jìnnà.